Ìrìn Àjò Ìṣẹ́jú Méjì Láti Àtàn

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà, ọdún 2023, Àdùkẹ́, aya Ṣótúndé, kú. Inú ọkọ̀ Sùlè aládùúgbò wọn ni ó kú sí, lójú ọ̀nà Ìdíròkò, nígbà tí wọ́n ń gbé e láti Àtàn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣàngó. Ìjù ni wọ́n dé tí wọ́n fi mọ̀ pé ó ti lọ.

Ṣótúndé kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, òun ni olórí àwọn tí ń di ẹrù sí tírélà ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Ọ̀tà, iṣẹ́ náà sì ti kọ́ ọ pé ẹni tí ń pariwo nídìí ẹrù kì í rí ibi tí okùn ti fẹ́ já. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, á ní, "Ọlọ́run mú un lọ," á sì yí ojú sí ọ̀nà mìíràn. Mẹ́ta péré ni àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà tí wọ́n ṣì wà láyé: Sùlè tó wakọ̀, Ṣótúndé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti Ìtẹ́olúwa ọmọ wọn, tó gbé orí ìyá rẹ̀ lé itan lẹ́yìn. Ṣótúndé gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò ní kọjá àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí àwọn mẹ́ta bá jọ rí, tí kò sì sí èyí tó ń sọ ọ́, ó dà bí ohun tí a rì mọ́lẹ̀.

Ìtẹ́olúwa jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ̀tà. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, àwọn ará ibẹ̀ kò sì ní gbà á bí kò bá yege nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìdánwò náà pín sí: gbígbọ́, kíkà, kíkọ, àti sísọ. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ó yege nínú mẹ́ta, sísọ ló já a kulẹ̀. Olùdánwò á gbé káàdì kan lé ẹni lọ́wọ́, á fún un ní ìṣẹ́jú kan láti fi ronú, lẹ́yìn náà onítọ̀hún á sọ̀rọ̀ títí di ìṣẹ́jú méjì láìsí ẹni tí yóò bá a dá sí i. Ibẹ̀ ni ẹnu Ìtẹ́olúwa ti kú. Ìdí nìyí tó fi lọ forúkọ sílẹ̀ ní lẹ́sìnnì Cornelius, ní Ṣàngó, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bátìrì ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ló pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé pásípọ́ọ̀tù mi sórí àga. Òun ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, òní ni wọ́n fẹ́ ṣe é."

"Orí rẹ ni ò bá gbàgbé sórí àga," ni Ṣótúndé wí, ṣùgbọ́n ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀ ní Àtàn. Nígbà tí wọ́n dé Ìjù, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí wọ́n fi kọjá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣàngó, ó la àárín àwọn ọlọ́kadà kọjá, ó sì gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù oníbátìrì. Kò tíì dé òkè tó fi gbọ́ tí ẹnìkan fi rúlà lu tábìlì.

"Ẹ gbé e! Gbogbo yín!"

Ohùn bí ọgbọ̀n ènìyàn bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé ń ka ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ṣótúndé jáde ìwé mẹ́wàá, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ tí kò yé e. Bí a bá sọ ọ́ ní èdè wa, ohun tí wọ́n ń wí nìyí:

"Màá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò kan tí mi ò lè gbàgbé, láti Àtàn sí Ṣàngó."

Rúlà lu tábìlì.

"Ní ti ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ìgbà òjò ni, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ní ti àwọn tí a jọ lọ, bàbá mi wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn, ìyá mi sì gbé orí lé itan mi, nítorí àìsàn kọlù wọ́n lójijì."

Rúlà.

"Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà dán, ọkàn wa sì balẹ̀. Àmọ́ kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Bí a ṣe sún mọ́ Ìjù, tírélà kan ti dábùú ọ̀nà. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé nínú gbogbo ìnira yẹn, ìyá mi la ojú, wọ́n sì béèrè pé, ṣé ẹ ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

Ọwọ́ Ṣótúndé di irin àtẹ̀gùn mú.

"Níkẹyìn, ọ̀nà là, a sì dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà sáré gba ìyá mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n padà sílé, ara wọn le koko. Tí mo bá wẹ̀yìn wò, ìdí tí mi ò fi lè gbàgbé ìrìn àjò yìí ni pé ó jẹ́ kí n mọ rírì àwọn ẹbí mi."

"Àtẹ́wọ́ fún ara yín!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan súfèé.

Ṣótúndé ṣí ilẹ̀kùn, ó sì wọlé. Cornelius, ọkùnrin kan tó sanra díẹ̀, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó sì gbé táì kọ́ ọrùn nínú ooru náà, dúró níwájú pátákó tí wọ́n ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn sí. Ó ti fa ìlà pupa sábẹ́ àwọn gbólóhùn kan: Ní ti ìgbà. Ní ti àwọn tí a jọ lọ. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó. Níkẹyìn. Tí mo bá wẹ̀yìn wò. Ìtẹ́olúwa wà lórí bẹ́ńṣì kejì. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀, ojú tì í.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni Cornelius wí tẹ̀rín tẹ̀rín. "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ lọ sí Kánádà ni? A kì í lé ẹni kankan."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó ti Ìtẹ́olúwa dìde, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Afeezat lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì bí Ìtẹ́olúwa ni. "Bàbá Ìtẹ́ nìyí! Ẹ kú iṣẹ́, sà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Màmá yè é. Ẹ bá wa kí wọn nílé."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí wọ́n rí ojú bàbá náà.

"Tíṣà," ni Ṣótúndé wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé bí ohùn rẹ̀ bá ti wálẹ̀ báyìí, kí olúkúlùkù kúrò lẹ́bàá tírélà. "Ta ló fún ọ ní ẹnu ìyàwó mi?"

"Bàbá, mi ò gbọ́ yín."

"O gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi sọ lójú ikú ni o kọ sí pátákó, tí o ń fi rúlà lù. Mo ní, ta ló fún ọ?"

Cornelius wo Ìtẹ́olúwa. Ìtẹ́olúwa wo ilẹ̀. Afeezat gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Cornelius wí, ó sì fi rúlà sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àpẹẹrẹ ni. Mo ní kí kálukú sọ ìrìn àjò tirẹ̀ ní kíláàsì, tọmọ yín ló dára jù. Mo bá tún un ṣe, mo sì fi àwọn ìdè ọ̀rọ̀ sí i, kí wọ́n lè rí bí a ṣe ń so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ àárín, àti àárín mọ́ òpin. Olùdánwò kì í wádìí bóyá òótọ́ ni o sọ. Ohun mẹ́rin ló ń wò: bóyá ọ̀rọ̀ ń ṣàn tó sì so mọ́ra, bóyá ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ẹni, gírámà, àti bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan."

"Òun lo ṣe jí òkú dìde."

"Bàbá..."

"Ẹni tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé sínú ilẹ̀, o ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà sílé, ara rẹ̀ le koko. Sọ fún mi, ilé wo ló padà sí? Torí mo ń gbé ilé yẹn, mi ò rí i."

Ohùn oníbátìrì tó ń ná ọjà nísàlẹ̀ ń wọlé wá. Cornelius nu ojú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ṣe àpẹẹrẹ, ó sì ti gbàgbé pé àwọn ènìyàn náà ni wọ́n ni ín.

"Ó yẹ kí n ti bi yín," ló wí. "Màá pa á rẹ́." Ó mú aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí nu pátákó.

"Pátákó lo lè pa rẹ́," ni Ṣótúndé wí. Ó nawọ́ sí àwọn tó jókòó. "Àwọn wọ̀nyí ń kọ́? Aṣọ wo lo fẹ́ fi nu ẹnu wọn?"

Ó gbé pásípọ́ọ̀tù lé orí bẹ́ńṣì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìtẹ́olúwa bá a nílé. Kò tíì jókòó tí bàbá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

"O gbé ìyá rẹ lọ sí ọjà Ṣàngó. Kí ló kù? Kí wọ́n gbé e sínú rédíò?"

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa kọ́ gbogbo kíláàsì."

"Tíṣà aláìnítìjú yẹn, tó ń fi ikú ẹlẹ́nìkejì kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Tó tún purọ́ mọ́ ọn."

"Kì í ṣe òun ló purọ́."

Ṣótúndé yíjú sí i.

"Èmi ni," ni Ìtẹ́olúwa wí. "Èmi ni mo ní a dé ilé ìwòsàn. Òun ò fi ìyẹn kún un."

Bàbá náà dìde, ó tún jókòó. Ìbínú tó gbé wá fún Cornelius kò rí ibi tí yóò sọ̀ sí mọ́, ó wá dúró sí i láyà bí egungun ẹja.

"O tọ́jú rẹ̀ láyé," ló wí níkẹyìn. "O sì purọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn ikú."

"Nígbàkígbà tí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, tí mo bá ti dé Ìjù, ohùn mi máa ń dí. Aago á máa lọ, mi ò ní lè sọ ohunkóhun mọ́. Bí mo ṣe fìdí rẹmi nìyẹn, Bàbá. Ẹ ò bi mí rí. Káàdì ìrìn àjò ni wọ́n fún mi ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti Màmá, mo dé Ìjù, mo sì dákẹ́. Olùdánwò ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Nígbà tí mo dé lẹ́sìnnì, mo rí i pé tí mo bá ní a dé ọ̀hún, mo máa ń lè parí rẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ ìrìn àjò mìíràn?"

"Ẹ sọ ọ̀kan fún mi," ni Ìtẹ́olúwa wí, ohùn tirẹ̀ náà sì le. "Ẹ sọ ibì kan tí mo ti lọ rí tí màá lè fi ìṣẹ́jú méjì ròyìn rẹ̀. Àtàn sí Ọ̀tà, Ọ̀tà sí Àtàn. Òun nìkan ni ìrìn àjò tí mo mọ gbogbo ojú ọ̀nà rẹ̀."

Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, àfi ẹ káàárọ̀ àti oúnjẹ ti délẹ̀.

Afeezat ló kọ́kọ́ ṣe ìdánwò nínú wọn. Ó wá sí Àtàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èsì jáde, ó kúnlẹ̀ fún Ṣótúndé pẹ̀lú ìtìjú, ó sì jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sùlè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó wá gba ewúrẹ́ rẹ̀ tó tún sọ̀nù. Sùlè máa ń gbé ọ̀rọ̀ ṣeré, ewúrẹ́ rẹ̀ sì ni olè tó lókìkí jù ládùúgbò náà.

"Mo fìdí rẹmi," ni Afeezat wí. "Sísọ ni."

"Káàdì wo?" ni Ìtẹ́olúwa béèrè.

Afeezat wo Ṣótúndé. "Ìrìn àjò ni. Bàbá, ẹ dákun. Mo fi Ìbàdàn sípò Àtàn, mo sì ní ìyá mi ni. Ó ń ṣàn lẹ́nu mi bí omi. Mo parí, inú mi ń dùn. Olùdánwò wá wojú mi, ó ní, 'Kí ló dé tí ìyá yín fi béèrè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?'"

"Kí lo sọ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Kò sí nínú àpẹẹrẹ! Mo ní, ẹ̀n, nítorí pé, ilẹ̀kùn náà, ó wà lẹ́yìn."

Sùlè bú sẹ́rìn-ín kí ó tó rántí ibi tó wà. Ó pa ẹnu mọ́.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Sùlè," ni Afeezat wí. "Láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè nípa ọkọ̀ àti ọ̀nà ní gbogbogbòò, mo ń kólòlò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí oníròyìn ní ìṣẹ́jú tó kọjá, kò lè so gbólóhùn méjì pọ̀ mọ́. Ènìyàn á ti mọ̀ pé mo há a sórí ni. Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Àwa márùn-ún láti lẹ́sìnnì la rí káàdì yẹn, gbogbo wa ni ìyá wa béèrè ilẹ̀kùn."

Lẹ́yìn tó lọ, Ìtẹ́olúwa jókòó síbẹ̀ láìmira. Ìdánwò tirẹ̀ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

"Wọ́n ṣì ń lo káàdì ìrìn àjò náà," ló wí. "Bí wọ́n bá fún mi, mi ò lè sọ ti Màmá mọ́. Ìyá mi ni, èmi ni mo gbé orí wọn lé itan, síbẹ̀ èmi ni wọ́n máa rò pé mo jí i."

Ìbínú Ṣótúndé tún ru. Ìbínú náà kò ní orúkọ ẹnìkan mọ́. Ó ń bínú sí Cornelius, ó ń bínú sí tírélà tó dábùú ọ̀nà ní Ìjù, ó ń bínú sí àwọn márùn-ún tí wọ́n pín Àdùkẹ́ bí ẹran ìléyá. Ó wọ yàrá lọ. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, láílọ́ọ̀nù dúdú kan rọ̀ sórí ìṣó. Ẹrù tí Àdùkẹ́ fi sílẹ̀ sínú ọkọ̀ ni. Sùlè ló kó o wá lẹ́yìn ìsìnkú, Ṣótúndé sì gbé e kọ́ síbẹ̀ láìtú u. Ó já a kúrò lórí ìṣó, ó gbé e jáde, ó sì dà á sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Sọ ọ́."

"Bàbá?"

"Mo ní kí o sọ ọ́. Kí ló dé tó fi béèrè ilẹ̀kùn?"

Ìtẹ́olúwa wo Sùlè tó ń wá ọ̀nà àtilọ. "Ẹ̀wà," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Wọ́n ti bó ẹ̀wà ọ̀ọ̀lẹ̀ sínú abọ́, ó wà nílẹ̀ ilé ìdáná. Wọ́n ní kí ẹran Bọ̀dá Sùlè má lọ wọlé jẹ ẹ́."

"Nínú ọkọ̀ mi ni wọ́n ti ń bú ẹran mi," ni Sùlè wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní, 'Sùlè, olè ni ẹran rẹ.' Mo ní, 'Ìyá Ìtẹ́, ẹ kọ́kọ́ yá ná, ká tó ṣẹjọ́.' Wọn ò tún dáhùn."

"Nínú àwọn ọgbọ̀n yẹn, ta ló mọ ìyẹn?" ni Ṣótúndé béèrè. "Ta ló mọ̀ nípa ẹ̀wà? Egungun ni tíṣà pín fún wọn. Ẹran ara rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ṣùgbọ́n mi ò lè kọjá Ìjù, Bàbá. Mo ti sọ fún yín."

"Nítorí o gbé e sẹ́yìn ni." Ó jókòó, ó sì fi ìka tọ́ka sí ilẹ̀ bí ẹni tó ń fi ojú ìwọ̀n han àwọn ọmọ iṣẹ́. "Wò mí. Bí a bá ń di ẹrù sí tírélà, èyí tó wúwo jù la kọ́kọ́ ń gbé sí i. Ìsàlẹ̀ ló ń wà. Ẹni tó bá kó fífúyẹ́ síwájú, tó wá ń rò pé òun á gbé wíwúwo lé e nígbẹ̀yìn, apá rẹ̀ ti rọ nígbà tó bá kàn án. Ìwọ ń bẹ̀rẹ̀ láti Àtàn pẹ̀lú òjò àti ojú ọ̀nà, o mọ̀ pé ikú ń dúró dè ọ́ ní Ìjù, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Gbé e síwájú. Gbólóhùn àkọ́kọ́. Sọ ọjọ́, sọ pé ìyá rẹ kú. Nígbà tí o bá ti gbé ìyẹn sílẹ̀, kí ló tún kù tó lè dí ọ lọ́fun?"

Ìtẹ́olúwa ronú. "Káàdì máa ń ní kí a sọ ibi tí a lọ ná."

"Wọ́n á nà ọ́?"

"Rárá. Ọ̀gá Cornelius ní kò pọn dandan ká tẹ̀lé bí káàdì ṣe tò ó, tí a bá ṣáà ti fẹnu kan gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún ní, nínú ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ń ronú, kí a má kọ odidi gbólóhùn. Kókó ọ̀rọ̀ nìkan ni ká kọ."

"Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, nígbà náà," ni Ṣótúndé wí. Ó ṣòro fún un láti sọ ọ́. "N kò ní dárí jì í o. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé itan. "Bẹ̀rẹ̀."

Ohùn Ìtẹ́olúwa dí ní ìgbà àkọ́kọ́, ní gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an. Bàbá rẹ̀ ní, "Lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó tún dí. "Lẹ́ẹ̀kan sí i." Bàbá náà ń bínú, ó ń fi ohùn líle sọ ọ́, bí ìgbà tó ń lé àwọn alábàárù. Ìtẹ́olúwa náà wá bínú sí i, ó sì fi ìbínú sọ gbólóhùn náà jáde: ìyá mi kú nínú ìrìn àjò yìí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ara wọn. Ó sọ ti ẹ̀wà. Ó sọ ti ẹran. Nígbà tó dé Ìjù, ó kọjá ibẹ̀ bí ọkọ̀ tí ń kọjá ibi tí kò ní ohun tó fẹ́ gbé. Sùlè dìde, ó lọ wá ẹran rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tó ń fọn imú lẹ́yìn ilé.

Ní ọjọ́ ìdánwò, Ṣótúndé sìn ín dé Ìkejà. Nígbà tí ọkọ̀ dé Ìjù, kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀nà. Àwọn kan ń ta búrẹ́dì ní ibi tí tírélà náà ti dábùú. Inú bí i pé búrẹ́dì ni, ṣùgbọ́n ó wò ó.

Ó jókòó sábẹ́ igi níta títí ọmọ náà fi jáde.

"Káàdì wo?"

"Ìrìn àjò."

Bàbá náà dìde.

"Bí mo ṣe ń sọ gbólóhùn àkọ́kọ́, olùdánwò gbé ojú sókè," ni Ìtẹ́olúwa wí. "Lẹ́yìn tí mo parí, ó bi mí bóyá mo ṣì máa ń gba ọ̀nà yẹn. Mo ní ojoojúmọ́. Mo ní ọ̀nà ilé wa ni. Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Wọn kì í sọ. A wá bọ́ sí ìbéèrè mìíràn, mo sì ń dáhùn."

"Ìyá rẹ kú?"

"Wọ́n kú, Bàbá. Gbólóhùn àkọ́kọ́."

Ṣótúndé mí kanlẹ̀. Ó nawọ́. "Ìwé tí o kọ kókó ọ̀rọ̀ sí dà?"

"Wọ́n máa ń gbà á padà. Kò sí ẹni tó ń mú un jáde."

Ojú rẹ̀ tún le. Wọ́n ti tún gba nǹkan lọ́wọ́ Àdùkẹ́. "Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Ohun tó wà nínú láílọ́ọ̀nù. Òun nìkan ni mo kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ń sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e."

"Kà á fún mi."

Ìtẹ́olúwa na ìka sílẹ̀, ó sì ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń lọ sí ibùdókọ̀:

Bàtà ẹsẹ̀ òsì kan.

Ìborùn aláwọ̀ ewé, tí òjò rin.

Ike omi tí wọn kò mu dé ìdajì.

Káàdì ilé ìwòsàn tí ẹnikẹ́ni kò gbà lọ́wọ́ wa.

Èèpo ẹ̀wà díẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ etí ìró.

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.